Páálí Ìpékeré 160 àti Ọkọ̀ Kan Láti Òmù-Àrán

Ìṣirò tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kò gùn. Ìyá kan tó ń dín ìpékeré ní Òmù-Àrán fẹ́ kó ọjà lọ sí Ìlọrin, ó sì háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n kan àpótí irin lé lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin béèrè ìwọ̀n inú àpótí náà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà: gígùn 300 sẹ̀ńtímítà, ìbú 170, gíga 190. Ó wo ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe páálí fún wọn kọ: 51, 37, 29. Ó ṣírò gbogbo àyè tó wà nínú ọkọ̀, ó ṣírò àyè tí páálí kan ń gbà, ó fi fóònù pín ọ̀kan sí ìkejì. 177 ló jáde. Kí ọwọ́ má baà há jù, wọ́n yọ 17 kúrò, wọ́n di ìpékeré sínú páálí 160, ìyá sì ti pín iye yẹn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá wọn tò ó.

135 ni ọkọ̀ náà gbà. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé 42 tó wà láàárín iye méjèèjì kò sọnù síbì kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì mọ ibi tí wọ́n gbà lọ lè mọ̀ ọ́n kó tó háyà ọkọ̀, kó tó di ọjà, kó tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Páálí ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo gbé ọ̀kan tó ti kún, tí wọ́n ti lẹ̀ pa, sórí tábìlì, mo na téèpù lé e. 52 ní gígùn, 38 ní ìbú, 30 ní gíga. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?" Wọn ò rẹ́ wọn jẹ. Àwọn tó ń ṣe páálí sábà máa ń kọ ìwọ̀n inú, torí ohun tí oníbàárà wọn fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọjà òun á wọnú rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ara ìta páálí ló ń gba àyè. Bébà tó nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ewé ìdérí tó gun ara wọn lókè àti nísàlẹ̀, ni wọ́n pa pọ̀ di sẹ̀ńtímítà kan yẹn. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwọ̀n ìta ṣe ìpín kan náà, 177 á di 163. Páálí 14 ti lọ kí a tó gbé ẹyọ kan sókè.

Etí páálí nìkan ni mo wọ̀n lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí mo wọn àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi bí ìdajì sẹ̀ńtímítà ju etí lọ. Ọ̀rá ìpékeré ní afẹ́fẹ́ nínú, ó ń ti ògiri páálí síta, ni páálí ṣe yọ ikùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdajì sẹ̀ńtímítà yìí sọ́kàn, torí òun ló pinnu ìtò tí a lò níkẹyìn.

Mo wá wọ inú ọkọ̀. Láti ògiri sí ògiri, ìbú rẹ̀ jẹ́ 174, ṣùgbọ́n àwọn irin tó dúró lára ògiri yọ wá sínú, láti irin sí irin sì jẹ́ 170. Ibi tó fún jù ni a máa ń fi ṣírò, nítorí náà dẹ́rẹ́bà ti sọ òótọ́. Ohun tí kò sọ, torí kò sẹ́ni tó bi í, ni gíga ẹnu ilẹ̀kùn. 178 ni, ó fi 12 kéré sí inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ yìí nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Kọntéènà oníbàtà 20 tó ń gba Àpápá wọlé ga tó bíi 239 nínú, ṣùgbọ́n ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ju bíi 228 lọ. Irin tó dábùú òkè ilẹ̀kùn ló ń gba àyè yẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣírò ẹrù kì í sì í wò ó.

Bí a bá ti mọ ìwọ̀n tòótọ́, kí ló dé tí 163 náà kò fi ṣeé ṣe? Ẹni tó bá pín àyè sí àyè ń ṣe bí ẹni pé páálí jẹ́ gàrí tí a lè dà sínú àpò kó sì wọ gbogbo igun. Páálí kì í wọ igun. Bí àyè 40 bá kù sílẹ̀ tí páálí sì jẹ́ 52, àyè yẹn kò wúlò fún un bí a kò bá yí i. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ la fi ń wọ̀n: ẹ̀gbẹ́ páálí wo ló kọjú sí gígùn ọkọ̀, èwo ló kọjú sí ìbú, èwo ló dúró sókè. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, odidi la máa ń mú, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí páálí yìí lè gbà fi ara lélẹ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó yá láti pa tì, ìyẹn kí á gbé e dúró kí 52 wà lókè. Nínú gíga 190, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni 52 lè gun ara rẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà kò sì lè gba ju 44 páálí tó dúró bẹ́ẹ̀ lọ ní ipele kan, bó ti wù kí á yí i tó, torí pé bí a bá pín ilẹ̀ náà sí ìsàlẹ̀ páálí, 44 àti díẹ̀ ló jẹ́. 44 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 132, ìyẹn sì jẹ́ ìlérí tí ìtò gidi kò lè mú ṣẹ. A pa á tì.

Èyí tó tan ọmọ náà jẹ ni ìkejì, kí páálí fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí 38 wà lókè. Ó jókòó, ó ṣe é lórí ìwé: 30 ní ìgbà mẹ́wàá jẹ́ 300, ó bá gígùn ọkọ̀ mu gẹ́lẹ́. 52 ní ìgbà mẹ́ta jẹ́ 156, ó wọ ìbú. 38 ní ìgbà márùn-ún jẹ́ 190, ó bá gíga mu gẹ́lẹ́. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta lọ́nà márùn-ún: 150! Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó dá ìdajì sẹ̀ńtímítà ikùn yẹn padà síbẹ̀. Páálí mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ara wọn di 305, ọkọ̀ sì jẹ́ 300. Ipele márùn-ún tó gẹ́lẹ́ pẹ̀lú òrùlé kò sì fi àyè ìka kan sílẹ̀ fún ọwọ́ ẹni tó ń ti páálí wọlé, kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti ẹnu ilẹ̀kùn. Bí a bá yọ ìlà kan àti ipele kan, 108 ló kù. Nígbàkígbà tí ìṣirò bá jáde gẹ́lẹ́ láìṣẹ́kù kankan, ìfura ló yẹ kó mú wá.

Ìdí mìíràn tún wà tí n kò fi fẹ́ kí páálí ìpékeré fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí a bá ya ògiri páálí, a ó rí bébà tó ń lọ sókè-sódò bí ìgbì láàárín bébà méjì tó tẹ́jú. Àwọn ìlà rẹ̀ dúró láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nígbà tí páálí bá dúró bó ṣe yẹ, àwọn ló sì ń ru ẹrù tó wà lórí. Bí a bá dojú páálí dé ẹ̀gbẹ́, àwọn ìlà tó wà lára ògiri yẹn á dùbúlẹ̀, agbára wọn á sì dínkù púpọ̀. Ìpékeré kò ní nǹkan tó le nínú rẹ̀ tó lè ran páálí lọ́wọ́. Bí ògiri bá tẹ̀, ọjà ló máa fọ́.

Ó wá kù sí ọ̀nà kẹta, kí páálí fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an lélẹ̀, 30 lókè. Ipele mẹ́fà jẹ́ 180 nínú gíga 190, ó sì ku àyè tó dára. Ọ̀rọ̀ ku ilẹ̀: páálí mélòó ni ipele kan máa gbà?

A mú ṣọ́ọ̀kì, a fà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Oríṣi ìlà méjì ló ṣeé ṣe. Bí 52 bá bá gígùn ọkọ̀ lọ, páálí mẹ́rin máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìbú, torí 38 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 152. Mo pe ìyẹn ní ìlà onímẹ́rin, ó sì ń jẹ 52 nínú gígùn ọkọ̀. Bí a bá yí páálí kí 38 bá gígùn lọ, mẹ́ta ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí 52 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 156. Ìyẹn ni ìlà onímẹ́ta, 38 péré ló ń jẹ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ onímẹ́rin, ìlà márùn-ún ló wọlé, páálí 20, 40 á sì kù lásán lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ onímẹ́ta, ìlà méje, páálí 21, 34 á kù. Àwọn alábàárù tí mo ti rí sábà máa ń dúró síbí yìí: wọ́n á mú ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n á sì tò ó dé òpin. Ọmọ ìyá náà ló fúnra rẹ̀ rí i pé 40 tó ṣẹ́kù nínú ti àkọ́kọ́ gba ìlà onímẹ́ta kan. Márùn-ún onímẹ́rin pẹ̀lú ẹyọ kan onímẹ́ta: 5×52 + 38 = 298. Páálí 23 ní ipele kan.

Mo ní kó má tíì dúró. A dín onímẹ́rin kù lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń fi onímẹ́ta dí àyè wọn, a sì ń ka iye tó jáde. Mẹ́rin pẹ̀lú méjì fún wa ní 22. Mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́ta fún wa ní 21. Ó ń wálẹ̀, ó fẹ́ sú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n méjì onímẹ́rin pẹ̀lú márùn-ún onímẹ́ta jẹ́ 2×52 + 5×38 = 294, iye páálí rẹ̀ sì jẹ́ 8 àti 15, ìyẹn 23 padà.

Iye kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtò méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká dá ikùn páálí padà sí i. Ti àkọ́kọ́ ní ìlà mẹ́fà, ìdajì lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 3, 298 á di 301. Kò ní wọlé. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ọjà ni pé àwọn alábàárù á fi èjìká ti ìlà tó kẹ́yìn, páálí á fún, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú agbára, gbogbo ènìyàn á sì gbà pé ó wọlé. Ìlọrin ni wọ́n á ti rí ìpékeré tó ti di ẹ̀rún. Ti ìkejì ní ìlà méje, ikùn wọn jẹ́ 3 àti ààbọ̀, 294 á di 297 àti ààbọ̀. Ó wọlé, ilẹ̀kùn sì ti láì fi tipátipá. Nítorí sẹ̀ńtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ yìí ni mo ṣe yan ìkejì.

23 lọ́nà ipele mẹ́fà jẹ́ 138. Ibí ni ẹnu ilẹ̀kùn ti gba tirẹ̀. Àwọn ìlà tó wà nínú kò ní wàhálà, torí ènìyàn á dúró nínú ọkọ̀, á gbé páálí kẹfà lé orí márùn-ún, òrùlé sì ga tó 190. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ìlà tó kẹ́yìn, ìta la ti ń gbé páálí wọlé. Márùn-ún ti ga tó 150, orí ẹ̀kẹfà á dé 180, irin orí ilẹ̀kùn sì wà ní 178. Kò sí bí a ṣe fẹ́ rọ̀ ọ́ wọlé. Ìlà yẹn á pàdánù ipele òkè rẹ̀. Nítorí èyí ni ìlà onímẹ́ta fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí onímẹ́rin méjèèjì wà lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà: páálí mẹ́ta la pàdánù dípò mẹ́rin. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kí ìlà kan yẹn nìkan dúró kí 52 wà lókè. Márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mẹ́ta lókè ara wọn, 15 náà ni. Kò sí èrè níbẹ̀, a jẹ́ kó dùbúlẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé 135. Páálí kan wúwo tó kílò márùn-ún, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 675, ọkọ̀ tọ́ọ̀nù kan sì ni. Ìwọ̀n wúwo kò dí wa lọ́wọ́. Ká ní gàrí tàbí ọṣẹ ló wà nínú páálí ni, ọ̀rọ̀ ìwúwo ì bá ti dá wa dúró kí àyè tó tán.

Nígbà tí ìkójọpọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn alábàárù fẹ́ yí ipele kejì padà kí páálí òkè lè gun páálí méjì nísàlẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kì í fi í wó. Kò parọ́, ìtò bẹ́ẹ̀ máa ń di ara rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n igun mẹ́rin páálí ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù orí rẹ̀, àárín ògiri kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí igun ti òkè bá bọ́ sí àárín ògiri ti ìsàlẹ̀, agbára páálí láti ru ẹrù lè dín tó ìdajì. Páálí ìsàlẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí ń ru márùn-ún lórí, kílò 25, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ á ti máa fò sínú kòtò. Mo ní kí ipele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí bákan náà, igun lórí igun. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìyẹn kí òpó páálí má wó sí ẹ̀gbẹ́, a wá oògùn mìíràn fún un: nínú àyè 14 àti 18 tó ṣẹ́kù ní ìbú, a ki àpò ṣaka tí a ká àti páálí òfìfo tí a pa pọ̀ bọ̀ ọ́, láti ilẹ̀ dé òkè, títí páálí kò fi lè mì mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá páálí ìsàlẹ̀ ti ń jìyà kò nílò kó tú ẹrù. Kó wo igun rẹ̀. Bí ìlà títẹ̀ kan bá ti fà wá láti igun bọ́ sí ojú ògiri, tàbí tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ ju ti àwọn òkè lọ, ó ti ń wólẹ̀ nìyẹn. Lásìkò òjò, kó tètè wò ó, torí bébà tó fa ọ̀rinrin kì í ru ohun tó ń rù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Oníbàárà kan wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo tó fẹ́ gba páálí 15. Ìlà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn jẹ́ 15 gan-an, òun la sì yà sọ́tọ̀ fún un, kí wọ́n má baà tú ẹrù ẹlòmíràn kí tirẹ̀ tó jáde. Ṣùgbọ́n bí ìlà yẹn bá ti kúrò, ògiri páálí tó ga tó 180 á dúró láìní ohun tó fara tì, àyè tó lé ní 40 á sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti gun òkè, tàbí tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ iná mọ́ ọn, páálí òkè á já sílẹ̀, ẹni tó bá sì ṣí ilẹ̀kùn ní Ìlọrin lè gbà á sórí. Mo kọ́ dẹ́rẹ́bà àti ọmọ náà ohun tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó kúrò ní Àjàṣẹ́: kí wọ́n mú ipele méjì òkè lára ìlà tó wá di ti ìkẹyìn, páálí mẹ́fà, kí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ nínú àyè tó ṣí. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù á sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, mẹ́fà, mẹ́rin, méjì, ìlà kan á sì máa ti èyí tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n gba Ganmo wọ Ìlọrin, ìyá sì pè mí nírọ̀lẹ́ pé páálí 120 tó kù pé láìsí èyí tó wó.

Páálí 25 wà nílé ní Òmù-Àrán. Ìyá fúnra rẹ̀ ló pe àwọn tí kò kàn, ó ṣàlàyé fún wọn. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ó yẹ kí òun háyà ọkọ̀ tó tóbi jù. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí páálí kan. Láàárín orí ọ̀rá ìpékeré àti ìdérí páálí, àyè tó fẹ́ẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà mẹ́rin wà lófìfo. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń kó lọ sí Ìlọrin nínú páálí kọ̀ọ̀kan, àyè òfìfo yẹn náà ló sì ń jẹ́ kí ìdérí tẹ̀ wọnú. Bí gíga ìta bá di 28 dípò 30, ipele mẹ́fà á jẹ́ 168. Ó fi 10 kéré sí ẹnu ilẹ̀kùn, páálí mẹ́ta tí irin ilẹ̀kùn gbà á padà, ọkọ̀ kan náà á sì gba 138 láì yọ ìpékeré kankan kúrò nínú páálí.

Gíga nìkan la yí padà, torí bí a bá fọwọ́ kan gígùn tàbí ìbú, gbogbo ìtò ilẹ̀ tí a ṣe ni a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ páálí kà báyìí: ìwọ̀n ìta, 52, 38, 28. Ọmọ náà fà ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ìta. Wọ́n sì béèrè pé kí wọ́n fi páálí kan ṣoṣo ránṣẹ́ ná, kí wọ́n lè kó ìpékeré sínú rẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí wọ́n wọn etí àti ikùn rẹ̀, kí wọ́n tó sanwó èyí tó kù.